Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ohun tó wà nínú fídíò àsídẹ́ǹtì sílẹ̀ fún kíléèmù ínṣọ́ránsì

Tí mọ́tò bá kọ lu ara wọn lójú ọ̀nà tiwa níbí, yálà ní ìkóríta ńlá Ṣàgámù ni o, tàbí lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọrẹ, ó ṣòro kẹ́nì kan má ti yọ fóònù. Kó tó di ọjọ́ kejì, fídíò yẹn á ti dé ọwọ́ ẹni tó ni mọ́tò, inú ẹ̀ á sì dùn pé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Èmi máa ń bá àwọn èèyàn kọ ìwé kíléèmù ní Rẹ́mọ níbí, ohun tí mo sì ń rí ni pé fídíò tó dáa gan-an ni ìwé tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e máa ń bà jẹ́. Ẹni tó máa jókòó ti fáìlì yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Èkó ló wà, kò mọ Ìkẹ́nnẹ́, kò mọ Ìlíṣàn, ìwé tẹ́ ẹ kọ ló máa kọ́kọ́ kà kó tó tẹ fídíò. Tó bá ti rí i pé ohun tóun kà ò bá ohun tóun ń wò mu níbì kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ìyókù, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ká fi ṣiṣẹ́, mo ti yọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá àwọn tọ́rọ̀ kàn mọ̀ kúrò. Ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlíṣàn ni, Sátidé kan nínú oṣù kẹta 2024, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Kòrólà aláwọ̀ eérú kan ń lọ sí Ìlíṣàn, bọ́ọ̀sì funfun kan ń jáde látinú ọ̀nà eléruku kan tó wà lápá òsì ẹ̀, ó fẹ́ yà sí Ìlíṣàn náà, wọ́n bá kọ lu ara wọn. Fọkanáísà kan wà lápá ọ̀tún ọ̀nà, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan ń fi fóònù ká ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ṣí táyà, bí àsídẹ́ǹtì ṣe wọ inú fídíò nìyẹn, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàlélógún ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń wa Kòrólà ló ń béèrè owó, ọ̀dọ̀ ínṣọ́ránsì ti bọ́ọ̀sì ló sì ti ń béèrè, tọ́ọ̀dì pátì ni. Ẹ fọkàn sí ìyẹn. Láti oṣù kìíní 2023 tí wọ́n ti sọ tọ́ọ̀dì pátì mọ́tò ara ẹni di 15,000 náírà, ó lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí ohun ìní ẹlòmíì tó bá bàjẹ́, owó tó nítumọ̀ ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó máa san án ò mọ̀ yín rí, ọ̀dọ̀ wọn kọ́ lẹ ti ra ìwé, ohun tó wà lórí pépà nìkan ni wọ́n fi mọ̀ yín.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ kọ nìyí: "Fídíò yẹn fi hàn pé bọ́ọ̀sì náà kàn já wọ títì láìwojú ọ̀nà, dírẹ́bà ẹ̀ ń sá eré àsápajúdé, èmi tiẹ̀ ti tẹ bíréèkì, ó wá gbá mi ní fẹ́ńdà òsì, gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló sì sọ pé òun ló jẹ̀bi."

Ẹni tó bá kà á á ní ó ti tán. Ẹ wá bá mi wo fídíò yẹn. Fóònù ò rí dírẹ́bà bọ́ọ̀sì rárá, oòrùn ń tàn lára gíláàsì iwájú ẹ̀, torí náà kò sí bí fídíò ṣe lè fi hàn pé kò wojú ọ̀nà. Eré tó ń sá ńkọ́? Bọ́ọ̀sì ò hàn tó sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta kí wọ́n tó kọ lu ara wọn. Tẹ́ ẹ bá wá dé orí fẹ́ńdà òsì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: apá ọ̀tún ọ̀nà ni ọmọ yẹn dúró sí, apá ọ̀tún Kòrólà ló ń rí, ara mọ́tò fúnra ẹ̀ ló bo fẹ́ńdà òsì mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ lu ara wọn. Ẹ ò lè rí ibi tí irin ti kan irin níbì kankan nínú fídíò yẹn. Ohùn ẹ̀ lẹ máa gbọ́. Bíréèkì lókù, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ò sì hàn, iná pupa tó tàn lẹ́yìn mọ́tò la rí. Ẹ̀gbọ́n ò parọ́ o. Ó wà níbẹ̀, ó mọ̀ pé òun tẹ bíréèkì, ó mọ̀ pé fẹ́ńdà òsì ni wọ́n gbá. Ṣùgbọ́n ó kọ ohun tó mọ̀, ó wá ní fídíò ló sọ ọ́.

Àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù kíléèmù tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ sọ bí àsídẹ́ǹtì ṣe ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tí ojú yín rí àti ohun tẹ́sẹ̀ yín ṣe máa lọ. Ìwé tó ń ṣàlàyé fídíò gbọ́dọ̀ dá dúró, kó jẹ́ pé ẹni tí ò dé Rẹ́mọ rí, tí fóònù náà ṣáà wà lọ́wọ́ ẹ̀, lè kọ irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wá fáìlì tó jáde látinú fóònù tó ká a. Èyí tí wọ́n fi ṣọwọ́ sí yín lórí Wásáàpù kọ́ o. Wásáàpù máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè fúyẹ́, ohun kéékèèké bíi nọ́ḿbà ọkọ̀ á ti ṣú, ọjọ́ àti àsìkò tó wà nínú ikùn fáìlì náà sì máa ń bọ́ sọnù. Orúkọ fáìlì ló máa ń tú u fó. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróòdù, èyí tí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ká máa ń rí bí ti òkè yìí, èyí tó bá gba Wásáàpù wá máa ń rí bí ti ìsàlẹ̀:

```
VID_20240316_165208.mp4
VID-20240316-WA0011.mp4
```

Nínú ti òkè, ẹ ó rí ọjọ́, ẹ ó sì rí aago, 16:52:08, ìyẹn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nínú ti ìsàlẹ̀, ọjọ́ tó dé orí fóònù nìyẹn, ó lè má jẹ́ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ WA lẹ rí, ẹ padà lọ bá ẹni tó ká a, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi okùn gbé e sórí kọ̀ǹpútà, tàbí tó bá jẹ́ Wásáàpù náà ló rọrùn, kó tẹ àmì tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, kó mú Document, má mú Gallery, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kó fún un pọ̀. Ẹ má gé nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀, ẹ má kọ nǹkan lé e, kódà sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jẹ́ táyà nìkan ni wọ́n ń ṣí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Táyà yẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń ká a ò bá yín gbìmọ̀ pọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe wà lọ́dọ̀ ẹ̀ yẹn náà, ẹ wo aago orí fóònù ẹ̀, ṣé ó bá tiyín mu? Fóònù mìíràn wà tó fi ogún ìṣẹ́jú yá jù, tí olówó ẹ̀ ò tiẹ̀ bìkítà. Tó bá yàtọ̀, ẹ kọ iye tó fi yàtọ̀, ẹ má tún un ṣe nínú fáìlì. Ohun kan tún máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn: ẹ lè ṣí fáìlì lórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ rí 15:52 dípò 16:52. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án o, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń fi aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC pamọ́ sínú fáìlì, tiwa ní Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kó má bàa di pé àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí i.

Ó wá kan wíwò. Wíwò tẹ́ ẹ ti ń wò ó látàárọ̀ pẹ̀lú inú fùfù, ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́. Ẹ pa ohùn ẹ̀ lẹ́nu mọ́ pátápátá, kẹ́ ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ariwo máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé òun rí ohun tóun kàn gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ dojú fóònù délẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn nìkan, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ àti sẹ́kọ́ńdì tẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ ó wá jẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Áàpù VLC tí wọ́n fi ń wo fídíò ni mo fẹ́ràn, ọ̀fẹ́ ni, ó wà lórí fóònù, ó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ lè dín eré ẹ̀ kù dé 0.25x, tó bá sì jẹ́ orí kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ bá dá a dúró tẹ́ ẹ wá ń tẹ lẹ́tà E, á máa fi àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù tó pọ̀ lọ́wọ́ wa máa ń ká nǹkan bí ọgbọ̀n àwòrán ní sẹ́kọ́ńdì kan, torí náà nínú sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo tí ojú ń wò fìrí, nǹkan pọ̀ níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè fara balẹ̀ kà.

Ibẹ̀ la ti rí iná ẹ̀yìn Kòrólà. Tí fídíò bá ń lọ bó ṣe ń lọ, kò sẹ́ni tó máa rí i, gbogbo ojú ti lọ sọ́dọ̀ bọ́ọ̀sì. Nígbà tá a wá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní 0:07, Kòrólà ti kọjá iwájú fóònù díẹ̀, igun ẹ̀yìn ẹ̀ lápá ọ̀tún wá hàn, iná ibẹ̀ sì kọ́kọ́ ṣú, ó wá pọ́n ràkọ̀, ó pọ́n bẹ́ẹ̀ títí a fi gbọ́ "gbàà". Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ kí wọ́n mọ̀ gan-an nìyẹn, fídíò wá sọ ọ́ fún un láì jẹ́ pé ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Lókè ìwé, ẹ sọ ẹni tó ká fídíò, ibi tó dúró sí àti apá ibi tó kọjú sí, bí fóònù ṣe wà, ṣé ó dúró gbọọrọ ni àbí wọ́n dá a dùbúlẹ̀, bí fídíò ṣe gùn tó, orúkọ fáìlì. Kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó ń kọ ìwé, àti bóyá ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà iwájú ni wọ́n fi ká a, ẹ wá pátákó tàbí ohunkóhun tó ní lẹ́tà nínú fídíò kẹ́ ẹ kà á, torí fóònù mìíràn máa ń yí òsì padà sí ọ̀tún bí inú dígí, tí lẹ́tà bá sì ti dojú rú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó kó bọ́ọ̀sì lọ sápá ibi tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún yìí ló ń da kíléèmù rú jù, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e díẹ̀. Òsì mẹ́ta ló wà nínú àsídẹ́ǹtì kan: òsì ẹni tó ń wo fóònù, òsì mọ́tò tiyín, òsì mọ́tò kejì. Nínú fídíò tiwa yìí, Kòrólà wọlé láti apá òsì fóònù, apá ọ̀tún mọ́tò ló kọ sí wa, òsì ẹ̀ tí ò hàn ló bàjẹ́, ọ̀tún bọ́ọ̀sì ló sì gbá. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ "ó wá láti òsì", ta ló máa mọ èwo? Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ "apá òsì ojú fóònù" ní gbogbo ìgbà tó bá jẹ́ ti fídíò, tó bá sì jẹ́ ti mọ́tò, mo máa ń kọ "lápá ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí" tàbí "lápá ibi tí èrò iwájú ń jókòó sí". Àwọn mọ́tò méjèèjì yìí, apá òsì ni títíárìn wọn wà bíi ti ọ̀pọ̀ mọ́tò wa, kò wá sí àṣìmú mọ́. Fọ́ọ̀mù wọn tún sábà máa ń jẹ́ gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíì ló sì máa bá yín yí i padà, tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ báyìí, kò ní ṣi yín gbọ́.

Nǹkan kejì ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ń sọ ohun tí mọ́tò ṣe. "Ó já wọ títì", "ó sáré", "ó ṣàìbìkítà", gbogbo ẹ̀ ìdájọ́ ni, ẹ sọ ibi tí táyà wà. Ìlà àárín ọ̀nà ti parẹ́ níbi tí àsídẹ́ǹtì yẹn ti ṣẹlẹ̀, a ò lè sọ pé bọ́ọ̀sì kọjá ìlà. Àmọ́ erùpẹ̀ pupa wà lẹ́nu ọ̀nà eléruku yẹn, ọ̀dà dúdú sì wà lórí títì, ibi tí pupa parí sí hàn kedere. A wá kọ pé ní 0:06 táyà iwájú bọ́ọ̀sì ṣì wà lórí pupa, ní 0:07 ó ti wà lórí ọ̀dà, a ò sì rí i kó dúró láàárín méjèèjì. Ẹ wò ó, gbólóhùn yẹn wúwo ju "ó já wọ títì láìwojú ọ̀nà" lọ, kò sì sí agbẹjọ́rò tó lè yẹ̀ ẹ́ wò kó ní irọ́ ni. Àmọ́ kí 0:06 tó dé ńkọ́? Èjìká ọmọ tó ń ṣí táyà ló bo ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀sì ti dúró níbẹ̀ kó tó jáde, ó ṣeé ṣe kó má dúró. A kọ ìyẹn náà.

Ẹ má fi fídíò ṣírò eré mọ́tò. Ẹ ò tíì wọn ibì kankan lójú ọ̀nà, ojú kámẹ́rà fóònù sì máa ń fẹ̀, ohun tó wà lókèèrè á dà bíi pé ó jìnnà ju bó ṣe wà lọ. Ohun tẹ́ ẹ lè kọ ni iye sẹ́kọ́ńdì tó gbà á láti ibì kan tó hàn dé ibòmíì tó hàn, bí àpẹẹrẹ láti òpó iná dé iwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ eré, wọ́n á rán ẹni tó máa wọn ọ̀nà wá.

Ohùn èèyàn ló kù. Lápá ìparí fídíò, ohùn ọkùnrin kan sọ pé, "Ẹ̀yin náà ẹ̀ ń sáré jù lọ́nà yìí!" Kò hàn ẹni tó sọ ọ́, kò hàn ẹni tó ń bá wí, àwọn dírẹ́bà méjèèjì ò sí lójú fóònù nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n ní ká yọ ọ́ kúrò, mo ní ká má yọ ọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ní etí, wọ́n máa gbọ́ ọ, tí wọn ò bá wá rí i nínú ìwé, ó ti di pé ẹ fi nǹkan pamọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí ò ní orí tí ò nídìí yẹn á wá di ẹ̀rí tó lágbára sí yín lọ́rùn. A kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, a sì kọ pé kò hàn ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó sọ ọ́ fún. Bákan náà lẹ ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé "èmi ni mo jẹ̀bi" tàbí "bóyá mo sáré díẹ̀". Ọ̀pọ̀ ìwé ínṣọ́ránsì ló ní kí ẹni tó ra á má gba ẹ̀bi láì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tiẹ̀ fọwọ́ sí i. Bẹ́ ẹ ò ṣe dá ẹnì kejì lẹ́bi nínú ìwé fídíò, ẹ má dá ara yín náà lẹ́bi níbẹ̀.

Ìwé tá a wá kọ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ nìyí, ẹ lè fi ṣe àwòkọ:

"Fídíò yìí, sẹ́kọ́ńdì 23 ló gùn, orúkọ fáìlì ẹ̀ ni VID_20240316_165208.mp4. Ọmọ iṣẹ́ fọkanáísà tó wà lápá ọ̀tún ọ̀nà téèyàn bá ń ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ìlíṣàn ló ká a, ó kọjú sí títì, ó gbé fóònù dúró gbọọrọ. Ìlíṣàn wà lápá ọ̀tún ojú fóònù. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni mo wa Kòrólà lọ́jọ́ náà, ohun tó hàn nínú fídíò àti ohun tí mo gbọ́ nínú ẹ̀ nìkan ni mo kọ síbí, ohun tí mo rí fúnra mi wà nínú fọ́ọ̀mù.

0:00 sí 0:04: Ọ̀dọ́kùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi irin ṣí táyà. Títì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀kadà kan kọjá láti apá ọ̀tún ojú fóònù lọ sí apá òsì. Ojú ọjọ́ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ gbẹ.

0:05: Kòrólà aláwọ̀ eérú wọlé láti apá òsì ojú fóònù, lápá títì tó sún mọ́ ẹni tó ń ká fídíò. Èjìká ọ̀dọ́kùnrin náà bo ẹnu ọ̀nà eléruku tó wà ní òdìkejì.

0:06: Iwájú bọ́ọ̀sì funfun kan hàn ní òdìkejì títì, ó kọjú sí títì. Táyà iwájú ẹ̀ wà lórí erùpẹ̀ pupa.

0:07: Táyà iwájú bọ́ọ̀sì ti wà lórí ọ̀dà, ọkọ̀ náà ṣì ń lọ síwájú. Iná ẹ̀yìn Kòrólà lápá ibi tí èrò ń jókòó sí tàn pupa.

0:08: Ìró gbàà kan dún. Ìdí Kòrólà fì sápá ẹni tó ń ká fídíò. Ara Kòrólà bo ibi tí ọkọ̀ méjèèjì ti kan ara wọn.

0:08 sí 0:11: Fóònù mì, ilẹ̀ nìkan ló hàn.

0:12 sí 0:19: Ọkọ̀ méjèèjì ti dúró. Ẹni tó ń ká a rìn lọ sí iwájú Kòrólà. Iná iwájú Kòrólà lápá dírẹ́bà ti fọ́, fẹ́ńdà apá yẹn ti tẹ̀ wọlé kan táyà, bọ́nẹ́ẹ̀tì gbé sókè lápá yẹn. Ilẹ̀kùn iwájú bọ́ọ̀sì lápá èrò ti tẹ̀ wọlé. Nínú nọ́ḿbà bọ́ọ̀sì, lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn nìkan ló ṣeé kà.

0:20 sí 0:23: Àwọn èèyàn péjọ. Ohùn ọkùnrin kan sọ pé, 'Ẹ̀yin náà ẹ̀ ń sáré jù lọ́nà yìí!' Ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó sọ ọ́ fún ò hàn. Fídíò parí.

Ohun tí fídíò yìí ò fi hàn: bóyá bọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà eléruku kó tó di 0:06, ojú dírẹ́bà kankan, ibi tí ọkọ̀ méjèèjì ti kan ara wọn gan-an, eré tí wọ́n ń sá, odindi nọ́ḿbà bọ́ọ̀sì."

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù ìpínrọ̀ ìkẹyìn yẹn, wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé àwọn ń fi ọwọ́ ara àwọn ṣe ara àwọn báyìí. Rárá o. Ẹni tó ń yẹ kíléèmù wò máa wá gbogbo àlàfo yẹn fúnra ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó oṣù fún un lórí ẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti bá a lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, á gba ìyókù gbọ́. Ó sì tún ń sọ fún yín ibi tẹ́ ẹ ti máa wá nǹkan mìíràn kún un. Fídíò ò fi ibi tí wọ́n ti kan ara wọn hàn, torí náà fọ́tò fẹ́ńdà Kòrólà àti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ló máa sọ ọ́: ẹ ya méjèèjì pẹ̀lú téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, láti ilẹ̀ dé ibi tó tẹ̀, tí gíga wọn bá ṣe déédéé tí àwọ̀ eérú sì wà lára bọ́ọ̀sì, ó ti sọ ara ẹ̀. Odindi nọ́ḿbà bọ́ọ̀sì ò hàn, ìwé ọlọ́pàá ló máa gbé e. Tí Ródì Séfítì tàbí TRACE, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà ti ìpínlẹ̀ Ògùn, bá dé ibẹ̀, ẹ gba orúkọ ọ́fíìsì wọn sílẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ da fáìlì náà kọ sórí fláàṣì kan láìyí orúkọ ẹ̀ padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ fún yín ní ọ́fíìsì wọn pé àwọn gbà á. Ọmọ tó ká fídíò yẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa kó má pa á rẹ́ lórí fóònù ẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi máa parí, tó bá sì fẹ́ ta fóònù, kó pè yín kó tó tà á, torí tó bá lọ di ọ̀rọ̀ kóòtù, òfin ẹ̀rí ti 2011, abala 84, máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tó gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, fóònù yẹn gan-an sì ni wọ́n máa bi yín. Ẹ tún gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi nọ́ḿbà ẹ̀ sínú fáìlì ínṣọ́ránsì. Kí kíléèmù tó jáde, ẹ má gbé fídíò yẹn sórí Fesibúùkù, ẹ má sì jẹ́ kí òun náà gbé e síbẹ̀, torí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fi ìbínú kọ sábẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tẹ́ ẹ fara balẹ̀ kọ yìí.